Ẹ Ya Ìtàn Crowther Kúrò Lára Àǹkóò Fáwẹ̀lì

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, mo mọ ọdún tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde: 1843 ni. Mo mọ̀ pé ní 1875 wọ́n ṣe ìpàdé kan ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àkọtọ́ 1974 ló sọ "aiye" di "ayé", tó sì sọ "nwọn" di "wọ́n". Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há oríkì bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìbéèrè ìdánwò, kò sí ẹyọ kan nínú wọn níbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni Ìbéèrè Kìíní, èyí tó di dandan, máàkì 30 nínú 70. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ mẹ́fà kalẹ̀: ọjà, ẹsẹ̀, ewu, ẹ̀wù, èlùbọ́, orúkọ. Wọ́n ní kí á fi òfin àǹkóò fáwẹ̀lì ṣàlàyé ìrísí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí á sì sọ ìdí tí "orúkọ" fi lè ní "o" àti "ọ" pa pọ̀. Mo jókòó. Mo wo àjà. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú mi náà ń wo àjà.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ sunkún lórí máàkì. Mo kọ eléyìí nítorí pé lẹ́yìn ìdánwò, nígbà tí àwa bíi mẹ́rin lọ bá olùkọ́ wa, ìdáhùn tí wọ́n fún wa ni pé: "Ṣé kò sí lórí síláìdì ni?" Ó wà níbẹ̀, sà. Òótọ́ ni. Síláìdì 34 ni wọ́n fún wa, ó sì wà lórí mẹ́ta nínú wọn. Àríyànjiyàn mi ni pé wíwà lórí síláìdì nìkan kò tó. Olùkọ́ tó bá kó ohun tí yóò bi wá àti ohun tó kàn fẹ́ràn láti sọ pọ̀ sójú kan, láìfi ààlà sí i, kò tíì kọ́ wa tán.

Mo padà lọ wo síláìdì yẹn pẹ̀lú ojú ẹni tó ti mọ ìbéèrè. Síláìdì 1 jẹ́ orúkọ kọ́ọ̀sì. Láti 2 dé 16 jẹ́ ìtàn: Crowther, àwọn míṣọ́nnárì, ìpàdé Èkó, àkọtọ́. Láti 17 dé 28 jẹ́ fáwẹ̀lì fúnra rẹ̀, èwo ni àránmúpè, èwo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí ahọ́n máa ń wà, bí ètè ṣe máa ń rí. 29, 30 àti 31 ni àǹkóò fáwẹ̀lì. Mẹ́ta tó kù jẹ́ orúkọ ìwé àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Nítorí pé ọ̀rẹ́ mi kan máa ń gba ohùn olùkọ́ sórí fóònù, mo tún jókòó gbọ́ ọ, mo sì fi aago kà á. Ìtàn gba ìṣẹ́jú 41. Fáwẹ̀lì gba 27. Àǹkóò fáwẹ̀lì gba 9. Ìyókù wákàtí náà bá orúkọ pípè àti pírójẹ́kítọ̀ tó kọ̀ láti tàn lọ.

Ìṣẹ́jú 9 nínú 77 tí wọ́n fi kọ́ wa, máàkì 30 nínú 70. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí kíláàsì yẹn tó sì gbà pé ìtàn ló ṣe pàtàkì jù kò ya ọ̀lẹ. Ohun tí wọ́n fi hàn án ló kà. Bí ẹnì kan bá fi ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì bá ọ sọ nǹkan, kí ló yẹ kí o rò?

Kí ẹni tí kò ṣe ẹ̀ka èdè má bàa sọ nù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí síláìdì mẹ́ta yẹn wà fún, torí pé ó rọrùn, ó sì dùn. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "e" àti "o" jẹ́ ẹgbẹ́ kan, "ẹ" àti "ọ" jẹ́ ẹgbẹ́ kejì, wọn kì í sì í fẹ́ gbé nínú ọ̀rọ̀ orúkọ kúkurú kan náà. A ní epo, ewé, òjò. A ní ẹsẹ̀, ọwọ́, ọbẹ̀. Ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "e" tó sì parí pẹ̀lú "ọ" láìsí nǹkan mìíràn láàárín wọn ju kọ́ńsónáǹtì kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí "a", "e" tàbí "o" kì í ṣáájú rẹ̀, "ẹ" tàbí "ọ" ló máa ń gba ipò wọn: ọjà, ẹja, ọba. "I" àti "u" ni kò bá ẹnikẹ́ni jà ní ìparí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí "ewu" àti "ẹ̀wù" fi lè wà pa pọ̀ nínú èdè kan náà. Ṣùgbọ́n bí "i" tàbí "u" bá bọ́ sí àárín, ó máa ń dá ọ̀nà. Ó ya "ọ" tó wà ní ìparí "orúkọ" kúrò lára fáwẹ̀lì àkọ́kọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ "o". Bẹ́ẹ̀ náà ni èlùbọ́. Ní àwọn ẹ̀ka èdè kan, irú Èkìtì, "u" yìí kì í dá nǹkan kan dúró, "ọrúkọ" ni wọ́n máa ń pè é. Ó tán. Ẹ ti mọ ohun tó tó máàkì 30.

Ẹ wá wo bí síláìdì ṣe gbé e kalẹ̀. Àkọlé síláìdì 29 ni "Àkíyèsí Díẹ̀ lórí Ìbáṣepọ̀ Fáwẹ̀lì". Lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ tún lè wo bí àwọn fáwẹ̀lì kan kì í ṣe é jẹ yọ pa pọ̀." Lẹ́tà kékeré, dúdú, bí ti gbogbo síláìdì yòókù. Síláìdì 9, tó jẹ́ ti ìpàdé Èkó, ní "PÀTÀKÌ" tí wọ́n fi pupa kọ, tí wọ́n sì fi ìlà sí lábẹ́. Ohun tí yóò wá nínú ìdánwò ni wọ́n pè ní àkíyèsí díẹ̀. Ohun tí kò ní wá ni wọ́n pè ní pàtàkì. Mi ò rò pé olùkọ́ wa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó fẹ́ràn ìtàn yẹn, ìfẹ́ rẹ̀ sì hàn nínú lẹ́tà, nínú ọ̀rọ̀ àti nínú àkókò. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wò láti mọ ohun tó wúwo, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì parọ́ fún wa.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ojútùú rọrùn: kí olùkọ́ fi lẹ́tà tó nípọn kọ ohun tó ṣe pàtàkì, ó parí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1998, Shannon Harp àti Richard Mayer tẹ ìwádìí kan jáde tó ba ìrọ̀rùn yẹn jẹ́. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ohun kíkà kúkurú lórí bí mànàmáná ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan kà á gbẹrẹfu. Fún àwọn mìíràn, wọ́n ki àwọn ìtàn tó dùn mọ́ ọn, irú ti àwọn tí mànàmáná kọlù, ìtàn tí kò ṣàlàyé bí mànàmáná ṣe ń wáyé rárá. Àwọn tí a fi ìtàn dùn nínú kò rántí kókó tó àwọn yòókù, wọn kò sì lè fi í yanjú ìṣòro tó wọn. Wọ́n wá gbìyànjú àtúnṣe. Wọ́n fi lẹ́tà tó yàtọ̀ kọ àwọn kókó. Ìpalára náà kò lọ. Wọ́n sọ ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò lọ. Ohun tó dín in kù ni pé wọ́n kó àwọn ìtàn náà lọ sí ìparí. Àlàyé wọn ni pé bí ìtàn bá ṣáájú, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣe òpó, yóò wá máa so gbogbo nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

Mo rí ara mi níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé síláìdì 29, mo ti gbà nínú ọkàn mi pé kọ́ọ̀sì yìí dá lórí bí a ṣe kọ Yorùbá sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé "e" àti "ẹ" kì í gbé pọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ nípa àmì abẹ́ lẹ́tà ni, ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lábẹ́ 1875! Kò sí bí lẹ́tà pupa kan ṣoṣo ṣe fẹ́ tún ìyẹn ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè kì í ṣe lẹ́tà nípọn. Mo ń bèèrè pé kí lẹ́tà, ọ̀rọ̀, àkókò àti ipò sọ ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú síláìdì wa yìí tún tò, kí ẹ rí i pé kò gba iṣẹ́ ọdún kan. Àǹkóò fáwẹ̀lì nílò fáwẹ̀lì kí ó tó yé èèyàn, nítorí náà fáwẹ̀lì ni yóò bẹ̀rẹ̀, láti síláìdì 2. Kì í ṣe gbogbo síláìdì 12 náà la nílò; mẹ́rin nínú wọn jẹ́ àwòrán kan náà tí a yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Àǹkóò tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dípò "Àkíyèsí Díẹ̀", àkọlé rẹ̀ yóò jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe: "Bí a bá fún ọ ní ọ̀rọ̀ orúkọ tí o kò rí rí, sọ bóyá ó tẹ̀ lé òfin àǹkóò, kí o sì sọ ìdí." Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn yìí kò jo ìbéèrè, kò sì sọ ọ̀rọ̀ tí yóò wá. Ó kàn sọ irú ohun tí a ó fi wá ṣe. Lẹ́yìn náà, síláìdì kan fún òfin, ọ̀kan fún "i" àti "u", ọ̀kan fún orúkọ àti èlùbọ́, ọ̀kan tó ṣófo tí a ó jọ ṣe ọ̀rọ̀ márùn-ún lórí rẹ̀ ní kíláàsì. Ohun tó gba ìṣẹ́jú 9 tẹ́lẹ̀ yóò gba bíi 35.

Ìtàn wá kẹ́yìn. Síláìdì kan yóò dá dúró ṣáájú rẹ̀, tí kò ní nǹkan kan lórí ju "Ohun tí a ó dán yín wò lórí rẹ̀ parí síbí". Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn síláìdì yí padà, a sì kọ sí igun gbogbo wọn pé: "Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i. Kò sí nínú ìdánwò." Kì í ṣe "ẹ tún lè wo", kì í ṣe "ó dára kí ẹ mọ̀". Àwọn gbólóhùn oníméjì wọ̀nyẹn ló ń pa wá. Ní yunifásítì wa, "ẹ tún lè wo" lè túmọ̀ sí "ẹ fi sílẹ̀", ó sì lè túmọ̀ sí máàkì 30.

Ìdí kan tún wà tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ tó ju àkókò lọ. Àkókò kì í wọnú fáìlì. Ẹni tó wà ní kíláàsì lè rí i pé olùkọ́ dúró pẹ́ níbì kan, ó lè gbọ́ bí ohùn wọn ṣe yí padà. Ẹni tó gba PDF lórí Wáásáàpù ní aago mọ́kànlá alẹ́, torí pé ó lọ ṣiṣẹ́ tàbí torí pé mọ́tò kò tètè dé, síláìdì 34 tó dọ́gba ni tirẹ̀. Fún un, síláìdì 9 àti síláìdì 29 jẹ́ ojú ewé kan, ojú ewé kan. Bí olùkọ́ bá fi ẹnu nìkan sọ pé "èyí ò sí nínú ìdánwò o", ìdajì kíláàsì ni kò gbọ́.

Ó wà lára ohun tó ṣòro, mi ò ní parọ́. Àwọn nǹkan kan kò wọ inú àpótí méjèèjì. Irú "ọrúkọ" ti Èkìtì yẹn: ṣé ìdánwò ni àbí àfikún? Èrò mi ni pé àpẹẹrẹ ni. Òfin tó ń fi hàn, pé "u" àárín lè dá àǹkóò dúró ní ibì kan kí ó má dá a dúró ní ibòmíràn, wà fún ìdánwò. Kí a há orúkọ ẹ̀ka èdè mẹ́wàá kò sí. Síláìdì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan: "Òfin ni kí ẹ mú, kì í ṣe àpẹẹrẹ." Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó há àpẹẹrẹ mẹ́rìnlá láìmọ òfin kan, wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kú síbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní, "Ẹ ti fẹ́ sọ yunifásítì di ilé ẹ̀kọ́ girama. Éríà lẹ fẹ́." Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, éríà kọ́ ni mo ń bèèrè. Mo mọ ohun tí a ń pè ní éríà: kí aṣojú kíláàsì lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, kí ó sì padà pẹ̀lú àkọlé mẹ́ta lórí bébà. Èyí tí a rí gbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn máa ń dé etí ẹni tó lójú, kì í dé etí ẹni tí kò ní ẹnìkan. Nígbà tí síláìdì kò bá sọ ohun kan, éríà ni yóò máa sọ ọ́. Ààlà tó ṣe kedere láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló máa pa ọjà éríà run.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi náà, ẹ má rò pé ẹ̀yin bọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ kí ohun tó wà fún ìdánwò kéré. Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Kọ́ọ̀sì kan lè ní síláìdì 30 tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún ìdánwò, kò sí aburú níbẹ̀, bí ó bá ṣáà ti hàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí tí mo kọ yìí lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín iṣẹ́ kù, kó má fi orúkọ mi kún un.

Wọ́n tún máa ń sọ pé bí a bá kọ "kò sí nínú ìdánwò", kò sí ẹni tí yóò kà á. Àwọn kan kò ní kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ka ìtàn Crowther láàárín wa bí ẹni tó fẹ́ mọ̀? A há a ni. Mo há 1843 láìbi ara mi léèrè ohun tó mú kí ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821 padà wá kọ ìwé ọ̀rọ̀ èdè ìyá rẹ̀. Oṣù kejì lẹ́yìn ìdánwò, nígbà tí kò sí máàkì lórí rẹ̀ mọ́, ni mo tó jókòó kà á, ó sì dùn mọ́ mi dé bi pé mo sun oorun pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló lè ba gbogbo ètò yìí jẹ́ pátápátá. Bí olùkọ́ bá kọ "kò sí nínú ìdánwò" sí igun síláìdì, tó sì bi wá ní ìbéèrè máàkì 2 péré láti inú rẹ̀, bóyá láti fi mọ àwọn tó gbọ́ràn, àmì yẹn ti kú. Àwọn tó wà níbẹ̀ yóò sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà wọn yóò ṣì máa há gbogbo síláìdì 34. Kí olùkọ́ má kọ ọ́ rárá sàn ju kí ó kọ ọ́ kí ó má pa á mọ́ lọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti pa á mọ́ ni kí a kọ́kọ́ kọ ìbéèrè ìdánwò kí a tó to síláìdì, kí a sì fi ìbéèrè náà sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a bá ń pín ìṣẹ́jú.

Mo ti tún síláìdì fáwẹ̀lì yẹn tò bí mo ṣe sọ ọ́ lókè. Aṣojú kíláàsì wa mú un lọ bá olùkọ́ wa ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi í léèrè ẹni tó ní kí a yọ àwòrán Crowther kúrò lójú ewé kejì, wọ́n sì ní kí ó gbé fáìlì náà sórí tábìlì.